Fọ́tò Bàbá ti di bàìbàì kó tó dé Mánṣẹ́sítà: báwo lẹ ṣe ń fi ojúlówó ránṣẹ́?

Àbẹ̀kẹ́_Ìtọ̀kò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Bàbá wa pé ọgọ́rin ọdún ní oṣù kẹta, a sì ṣe é fún wọn níbí l'Abẹ́òkúta. Fọ́tò kan wà nínú èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà tí gbogbo ilé ń gbé kiri: Bàbá jókòó sáàárín àwọn ọmọ-ọmọ wọn mọ́kànlá, agbádá sányán ni wọ́n wọ̀, wọ́n dé abẹ́tí ajá, èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn mú. Bọ̀ọ̀dá mi tó wà ní Mánṣẹ́sítà ní àwọn fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní títóbi, íǹṣì 20 sí íǹṣì 30, káwọn gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí Wasáàpù. Lójú fóònù, ó mọ́ kedere. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ fọ́tò, ìyẹn ní ó kéré jù fún ohun tí wọ́n fẹ́. Bọ̀ọ̀dá ní kí wọ́n ṣáà tẹ̀ ẹ́ wò. Ojú Bàbá wá dà bí ẹni tí wọ́n da ògì lé lójú. Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá ti lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, ẹ ò lè mọ òwú kan yàtọ̀ sí èkejì.

Mo ti tún un fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnì kan ní kí n fi ránṣẹ́ bíi Document, mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò yàtọ̀. Bọ̀ọ̀dá ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé fóònù ọmọdé ni mò ń lò. Android ni tèmi, àìfóònù ni tiwọn. Kí ni kí n ṣe? Ẹ má sì sọ ohun tó máa jẹ dátà mi tán o.

Dàmọ́lá_Tẹ́ẹ̀kì

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Ẹ lọ sí Settings nínú Wasáàpù, ẹ tẹ Storage and data, ẹ máa rí Media upload quality. Ẹ gbé e sí HD quality. Ó tán! Láti ọjọ́ náà lọ, bí fọ́tò yín ṣe wà gẹ́lẹ́ ló máa ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Èmi ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2023 tí wọ́n ti gbé HD yẹn jáde, ẹnikẹ́ni ò ráhùn sí mi rí.

ÌyáÌbejì_Hústìn

Ẹ kú àríyá Bàbá o, ẹ̀mí wọn á gùn. Ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Document yẹn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń fi fọ́tò àwọn ìbejì ránṣẹ́ sí Màámi ní Òṣogbo. Mo gbọ́ pé Document ló dára jù, mo bá fi ogún fọ́tò ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ kejì, Màámi pè mí: "Ìyá Ìbejì, kí ló dé tó o fi ń fi ìwé ránṣẹ́ sí mi? Ṣé wọ́n fẹ́ lé yín kúrò nílé ni?" Wọ́n rò pé ìwé kóòtù ni! Kò sí ọ̀kan tó hàn nínú Gallery wọn, wọn ò sì mọ bí wọ́n á ṣe ṣí i. Nígbà tí ọmọ àdúgbò bá wọn tẹ̀ ẹ́, òmíràn ṣí, òmíràn kọ̀, torí HEIC ni ìparí orúkọ ẹ̀, fóònù Màámi sì ti dàgbà díẹ̀.

Ní báyìí, mo ti lọ sí Settings àìfóònù mi, mo tẹ Camera, mo tẹ Formats, mo gbé e sí Most Compatible, JPG ló ń yà fún mi. Màámi sì ti ní kí n máa fi fọ́tò lásán ránṣẹ́, pé ojú lásán táwọn fẹ́ fi rí àwọn ọmọ náà. Ṣé ẹ rí i? Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Onífọ́tò_Mọ́kọ́lá

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn gan-an ni. Ẹni tó fẹ́ fi ojú rí i lásán, fọ́tò lásán tó o. Ti Bọ̀ọ̀dá Àbẹ̀kẹ́ kọ́ nìyẹn, ìtẹ̀wé ni tiwọn.

Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń ya fọ́tò n'Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Fọ́tò jẹ́ àkójọ tóótó kéékèèké, bí ìgbà tí èèyàn sín ìlẹ̀kẹ̀ sórí òwú. Tí ẹ bá fi fọ́tò lásán ránṣẹ́ lórí Wasáàpù láìfọwọ́ kan nǹkan kan, ó máa gé gígùn ẹ̀ sí nǹkan bíi tóótó 1600, ó tún máa fún ohun tó kù mọ́ra kó lè fúyẹ́. Fọ́tò tó jẹ́ 6000 sí 4000 nínú kámẹ́rà á wá di 1600 sí 1067. Ẹ ṣírò ẹ̀: mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún di mílíọ̀nù kan àti díẹ̀. Nínú tóótó mẹ́rìnlá, ẹyọ kan ló kù.

Ojú fóònù ò lè fi èyí hàn yín, torí ojú fóònù fúnra ẹ̀ kéré. Ìgbà tẹ́ ẹ bá na tóótó 1600 yẹn sórí íǹṣì 30 lọ̀rọ̀ á yọjú. Íǹṣì kan máa ní tóótó 53 péré. Fọ́tò tá à ń tẹ̀ fún ìwé àwòrán, èyí téèyàn ń dì mọ́wọ́ wò, 300 la máa ń wá lórí íǹṣì kan. Èyí tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri, tí wọ́n á máa wò látorí àga, 150 ṣe é mú, àwọn míì tiẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ ní 120. Ṣùgbọ́n 53? Ògì yẹn náà ni wọ́n máa rí.

Dàmọ́lá, àbúrò mi, HD dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó lè dá gígùn fọ́tò sí dé nǹkan bí ẹgbàajì. Ṣùgbọ́n pé bí fọ́tò ṣe wà gẹ́lẹ́ ló ń dé, ìyẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń fún un mọ́ra. Fi fọ́tò kan tó jẹ́ MB 8 ránṣẹ́ sí fóònù ìyàwó ẹ pẹ̀lú HD, kó o wá wo iye tó jẹ́ lọ́hùn-ún.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, èyí tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé Document ò ṣiṣẹ́ fún yín, torí Document kì í fọwọ́ kan fọ́tò. Ẹ bá mi wo nǹkan méjì. Ẹ ṣí fọ́tò yẹn nínú Gallery yín, ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó wà lókè tàbí kẹ́ ẹ fà á sókè, ẹ wá ibi tó kọ Details. Kí ni orúkọ ẹ̀? Nọ́ńbà mélòó ni wọ́n kọ sí i pẹ̀lú x láàárín?

Àbẹ̀kẹ́_Ìtọ̀kò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Mo ti wò ó. Ohun tí mo rí rèé, mo kọ ọ́ bó ṣe wà:

```
IMG-20250317-WA0031.jpg
1600 x 1067
312 KB
```

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta la ṣe àríyá, Sátidé ni. Kí ló dé tó kọ 17 síbẹ̀?

Onífọ́tò_Mọ́kọ́lá

Á à, ọwọ́ ti bà á. Ẹ wo WA tó wà nínú orúkọ yẹn. Orúkọ tí Wasáàpù máa ń fún fọ́tò tó bá gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ wọlé sórí Android nìyẹn. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni fọ́tò náà wọ fóònù yín, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ìyẹn ni pé ẹni tó yà á ló fi ránṣẹ́ sí yín bíi fọ́tò lásán, ibẹ̀ ni Wasáàpù ti rún un. Ẹ wá gbé èyí tí wọ́n ti rún tẹ́lẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document. Document ò rún un mọ́ lóòótọ́, ó gbé KB 312 yẹn dé Mánṣẹ́sítà ní pípé. Ṣùgbọ́n fọ́tò náà ti bàjẹ́ látilẹ̀. Kò sí bẹ́ẹ ṣe lè fi ránṣẹ́ tó máa dá tóótó tó ti sọnù padà.

Ta ló ya fọ́tò náà?

Àbẹ̀kẹ́_Ìtọ̀kò

Onífọ́tò tá a gbà ni. Kámẹ́rà ńlá ló gbé dání. Ó fi bí ọgbọ̀n ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ní tí n bá sanwó ìwé àwòrán tán ni n ó rí ìyókù. Mo ti sanwó, mo ti gba ìwé àwòrán. Mi ò mọ̀ pé nǹkan míì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Onífọ́tò_Mọ́kọ́lá

Ó wà lọ́wọ́ ẹ̀, àfi tó bá ti pa á rẹ́. Ẹ pè é lónìí, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Àwa onífọ́tò kì í fi fọ́tò sílẹ̀ títí ayé, kádì la máa ń nù kí a lè fi ya òde míì, kọ̀ǹpútà náà ń kún. Èmi ń fi ti oníbàárà sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ẹlòmíràn ò fi sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má kàn sọ fún un pé kó "tún un fi ránṣẹ́". Ohun tó ṣe tẹ́lẹ̀ náà ló máa ṣe. Ẹ ní kó ṣí Wasáàpù lórí kọ̀ǹpútà tí fọ́tò náà wà gan-an, kó tẹ àmì tí wọ́n fi ń so nǹkan mọ́ ọ̀rọ̀, kó mú Document, kì í ṣe ibi tí wọ́n kọ Photos sí. Tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, kò ní hàn gàdàgbà bí fọ́tò. Orúkọ ẹ̀ ló máa hàn, iye MB ẹ̀ á sì wà nísàlẹ̀. Orúkọ kámẹ́rà ló máa jẹ́, nǹkan bíi DSC tàbí IMG pẹ̀lú nọ́ńbà, kò ní sí WA níbẹ̀. Fọ́tò kámẹ́rà ńlá ò ní dín ní MB márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá ti rí KB, ẹ dá a padà fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin náà á tẹ Document nínú Wasáàpù Bọ̀ọ̀dá. Lórí fóònù yín, ó ṣeé ṣe kó bi yín bóyá inú Gallery lẹ ti fẹ́ mú un tàbí inú fáìlì. Ẹ mú un látinú fáìlì, torí inú fódà WhatsApp Documents ló máa wà. Tẹ́ ẹ bá fi ìka di ọ̀rọ̀ onífọ́tò náà mú kẹ́ ẹ sì tẹ àmì Forward, ìyẹn náà dára, Document á ṣì jẹ́ Document. Kódà kò ní jẹ dátà tó bẹ́ẹ̀.

Ṣọlá_Àkúrẹ́

Mo fẹ́ bù sí i. Èmi tí mo bá ní fọ́tò tó kéré, mo máa ń fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù kó tóbi dáadáa, mo wá ya ojú fóònù náà. Ó máa ń tóbi sí i. Àǹtí lè gbìyànjú ẹ̀ bí onífọ́tò yẹn ò bá gbé fóònù.

Dàmọ́lá_Tẹ́ẹ̀kì

Àǹtí Ṣọlá, ẹ má bínú, ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo ẹ̀. Ojú fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ 1080 ní fífẹ̀. Ohun tójú fóònù lè gbà nìkan lẹ máa rí yà. Ó máa tóbi lójú, kò ní ní nǹkan nínú, bí àkàrà tó wú tí inú ẹ̀ ṣófo.

Ẹ̀gbọ́n Onífọ́tò, mo ti dán ti HD yẹn wò. MB 7.6 di MB 1.9. Mo gbà fún yín. Ṣùgbọ́n mo tẹ méjèèjì ní íǹṣì 5 sí 7 níbi iṣẹ́ mi, ọ̀gá mi ò mọ èwo lèwo. Nítorí náà HD kì í ṣe ohun àfojú di.

Onífọ́tò_Mọ́kọ́lá

Íǹṣì 5 sí 7, mi ò bá ẹ jiyàn. Tẹ̀ ẹ́ ní 20 sí 30, kó o wo ibi irun àti ibi òwú aṣọ.

Tẹ́jú_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Fọ́tò kan, Document tó. Ìmeèlì tiẹ̀ lè gbé e: Gmail ń gba MB 25 lẹ́ẹ̀kan, ẹyọ kan tàbí méjì látinú kámẹ́rà ńlá á wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tí Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ bá gba gbogbo fọ́tò òde náà lọ́wọ́ onífọ́tò, wọ́n máa ya wèrè tí wọ́n bá ń fi Document ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú mi rí i nígbà ìsìnkú ìyá wa. Fọ́tò 240, ọ̀kọ̀ọ̀kan súnmọ́ MB 11. Ó lé ní GB méjì ààbọ̀.

Gúgù Díráìfù la padà lò. Àbúrò mi ní Ìkòròdú ṣí fódà kan nínú ẹ̀, ó gbé gbogbo fọ́tò náà sínú fódà yẹn. Díráìfù kì í rún fọ́tò, bẹ́ ẹ ṣe gbé e sí i lẹ máa bá a. Ó tẹ Share lórí fódà náà, lábẹ́ General access ó yí i sí Anyone with the link, ó kó líǹkì náà, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Èmi tí mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Tòróńtò, kálukú gba tiẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni àbúrò mi fi dátà gbé e lọ sókè, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin fún èèyàn mẹ́rin. Ibi tó ti dín owó kù nìyẹn, Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sunkún dátà.

Nǹkan méjì dí wa lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, odindi òru kan ni àbúrò mi fi rò pé ó ń lọ, kò lọ rárá. Ohun tó fà á ni pé nínú Settings Díráìfù orí fóònù, ibì kan wà tí wọ́n kọ Transfer files only over Wi-Fi sí. Ó wà ní títàn, kò sì sí Wi-Fi nílé wọn, dátà ló ń lò. Ó kàn ń dúró de Wi-Fi tí kò ní dé láéláé. Nígbà tó pa á, ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ. Ìkejì, ìmẹ́lì ẹ̀ àtijọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. GB 15 ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà Gmail, Díráìfù àti Gúgù Fótò ló jọ ń pín in jẹ. Ó ní láti ṣí ìmẹ́lì tuntun fún ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ ṣọ́ra fún Gúgù Fótò fúnra ẹ̀. Kì í ṣe pé kò dára, ṣùgbọ́n ẹ wo Backup quality nínú Settings ẹ̀. Tó bá wà lórí Storage saver, ó ń dín fọ́tò tó bá ju mílíọ̀nù tóótó 16 lọ kù. Ti kámẹ́rà yín á di dídín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún yín. Ẹ gbé e sí Original quality kẹ́ ẹ tó kó wọn síbẹ̀. Àwọn ẹbí mi tó ń lo àìfóònù náà fẹ́ràn Shared Album ti áìkíláòdù, ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gé gígùn fọ́tò sí 2048. Ti wíwò nìyẹn.

Bàbá_Lándé

Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti àárọ̀. Ohun kan wà tẹ́nikẹ́ni ò mẹ́nu bà. Tí fóònù bá ya fọ́tò, tí ẹ bá sì ti gbà á láyè lọ́jọ́ kan pé kí kámẹ́rà máa mọ ibi tẹ́ ẹ wà, ó ń kọ ibi náà sínú fọ́tò, dé orí ojúlé. Fọ́tò lásán lórí Wasáàpù ń yọ ọ́ kúrò. Document kì í yọ nǹkan kan. Ìyẹn ni pé ẹ ti fún gbogbo ẹni tó bá gba fáìlì náà ní máàpù ilé Bàbá yín. Lásìkò tá a wà yìí, táwọn èèyàn ń gbọ́ pé àwọn ọmọ ẹni wà lókè òkun?

Tẹ́jú_Lọ́ńdọ̀nù

Òótọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ṣebí ọmọ ẹ̀ la fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Ó mọ ilé bàbá ẹ̀.

Bàbá_Lándé

Ọmọ ẹ̀ mọ ilé. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ máa darí líǹkì sí ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Anyone with the link. Ẹgbẹ́ ẹbí wa lórí Wasáàpù ti di èèyàn 140, mi ò mọ ìdajì wọn.

Onífọ́tò_Mọ́kọ́lá

Bàbá Lándé ò purọ́. Púpọ̀ nínú kámẹ́rà ńlá wa kì í kọ ibi téèyàn wà, nítorí náà ti Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ lè má ní i. Ti fóònù ló yẹ ká wò. Lórí àìfóònù, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ láti inú Photos, Options kan wà lókè níbi tẹ́ ẹ ti ń mú ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, ẹ lè pa Location níbẹ̀. Lórí Android, ẹ pa á nínú Settings kámẹ́rà kẹ́ ẹ tó yà. Èyí tẹ́ ẹ ti yà tẹ́lẹ̀, ó ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn. Ní ti líǹkì, ẹ lè kọ ìmeèlì ẹni kọ̀ọ̀kan sínú Share dípò kẹ́ ẹ ṣí i fún gbogbo ayé. Wàhálà ẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá ní Gmail, tàbí tó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹ̀, kò ní lè ṣí i wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bàbá_Lándé

Kó gbàgbé ẹ̀, kó wá pè mí. Ó sàn bẹ́ẹ̀.

ÌyáÌbejì_Hústìn

Ẹ jọ̀ọ́, kò jọ èyí, ṣùgbọ́n mo ní fọ́tò ìgbéyàwó Màámi, ti ọdún 1971, oníbébà, ó ti ń pọ́n. Ìbátan kan ní òun á fi fóònù yà á, òun á sì fi ránṣẹ́ bíi Document. Ṣé ìyẹn á tó tẹ̀?

Onífọ́tò_Mọ́kọ́lá

Fóònù máa gbé iná àti ojú fèrèsé sórí ẹ̀, ó sì máa wọ́ létí. Kó gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ya ìwé, kó ní kí wọ́n yà á ní 600, kì í ṣe 150 tàbí 200 tí wọ́n máa ń fi ya ìwé ẹ̀rí. Fọ́tò íǹṣì 4 sí 6 á fún yín ní 2400 sí 3600. Kó nu gíláàsì ẹ̀rọ náà kó tó gbé e lé e. Ti pípọ́n, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì.

Àbẹ̀kẹ́_Ìtọ̀kò

Ẹ̀yin ará, mo ti dé. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́.

Mo pe onífọ́tò náà. Ó kọ́kọ́ ní òun ti fún mi ní gbogbo ẹ̀. Mo ní èyí tó fún mi ní WA lórúkọ, KB 312 ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Màdáámù, ta ló kọ́ yín?" Ó ní ó ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, ó fi ránṣẹ́ bíi Document. Ohun tó dé ọwọ́ mi rèé:

```
DSC_0412.JPG
6000 x 4000
11.4 MB
```

Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ wò, mo rí òwú ọrùn agbádá Bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tiẹ̀ rí i pé ọmọ kékeré yẹn ní mọ́sà lẹ́nu.

Mo darí ẹ̀ sí Bọ̀ọ̀dá. Mo ní kí wọ́n ka iye tí wọ́n rí fún mi, wọ́n ní MB 11.4. Inú mi dùn, mo sùn. Ọjọ́ kejì wọ́n tún pè, wọ́n ní atẹ̀wé ní ó ṣì kéré! Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Mo ní báwo ni wọ́n ṣe fún atẹ̀wé. Wọ́n ní ó fún àwọn ní nọ́ńbà Wasáàpù ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, làwọn bá kó fọ́tò náà sínú Photos àìfóònù àwọn, àwọn sì fi ránṣẹ́ sí i láti ibẹ̀.

Bíi fọ́tò lásán! Lẹ́yìn gbogbo wàhálà mi. Èmi náà wá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa.

Onífọ́tò_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀rín pa mí. Ibi tó ti máa ń wọ́ ní ìkẹyìn gan-an nìyẹn, ẹ má bú wọn. Kí Bọ̀ọ̀dá padà sí ọ̀rọ̀ yín nínú Wasáàpù, kí wọ́n darí Document yẹn gẹ́lẹ́ sí atẹ̀wé, tàbí kí wọ́n gbé e sórí fíláàṣì lọ sí ṣọ́ọ̀bù. 6000 lórí íǹṣì 30 jẹ́ 200, 4000 lórí íǹṣì 20 jẹ́ 200. Ó bá ara mu láìgé ẹnikẹ́ni kúrò létí. Kí atẹ̀wé ka 6000 fún wọn kó tó tẹ̀ ẹ́.

Àbẹ̀kẹ́_Ìtọ̀kò

Wọ́n ti darí ẹ̀ báyìí, atẹ̀wé ti ka 6000. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa lọ gbé férémù náà. Onífọ́tò tiwa sì ní kí n wá gba ìyókù ní Sátidé, pé kí n mú fíláàṣì dání, òun ò ní fi fọ́tò 300 ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún ní n ó san ẹgbẹ̀rún márùn-ún sí i. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n, àbí ó rí mi ni?

Onífọ́tò_Mọ́kọ́lá

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa nìyẹn, mi ò dá sí i o. Mú fíláàṣì GB 16 dání.

Bàbá_Lándé

Ó rí yín ni. Ẹ ní ẹgbẹ̀rún méjì.